Ẹ gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kí ẹ tó pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́

Ìbéèrè: Ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó wa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti pín gbogbo fáìlì rẹ̀ lórí Google Drive fún wa, a sì lè kọ nǹkan sínú wọn. Ṣé a lè pa àkáǹtì iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà, kí owó tí à ń san lórí àkáǹtì náà má baà máa lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́ o. “Ó ti pín in fún wa” yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sí wàhálà. Ẹni tí fáìlì wà nínú My Drive rẹ̀ ni Owner. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Editor, àlejò ni yín nílé onílé. Bí àkáǹtì onílé bá parẹ́ pátápátá, fáìlì á bá a lọ, lìǹkì tí ẹ tọ́jú ò sì ní ṣí mọ́. Shortcut tí ẹ ṣe sínú Drive tiyín kò lè gbà yín, ọ̀nà ibẹ̀ lásán ló ń tọ́ka sí. Ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe á kù lóòótọ́, àmọ́ lìǹkì rẹ̀ yàtọ̀, ìtàn àtúnṣe àtẹ̀yìnwá ò sì sí nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú Shared drive nìkan ni ẹ ò ní í bẹ̀rù fún, ilé-iṣẹ́ ló ni ín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fódà. Ká ní fódà “Owó Oṣù” ní ìwé 12 nínú. Bó bá fi fódà náà lé yín lọ́wọ́, fódà nìkan lẹ gbà. Ìwé 12 yẹn ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, kí alábòójútó yín wọ admin.google.com, kó lọ sí Apps, Google Workspace, Drive and Docs, kó wá tẹ Transfer ownership. Yóò kọ ímeèlì ẹni tó ń lọ, àti ti ẹni tó máa gbà á nínú ilé-iṣẹ́ kan náà. Bó bá parí, ẹni tó gbà á á rí fódà tuntun tó ń jẹ́ orúkọ ímeèlì ẹni tó lọ. Ohun tó wà nínú Trash kì í tẹ̀ lé e, nítorí náà kó kó ohun tó wúlò jáde níbẹ̀ ṣáájú. Fáìlì àdáni rẹ̀ náà á bá àwọn yòókù bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ẹ jẹ́ kó kó wọn kúrò ṣáájú. Bí ẹjọ́ tàbí aáwọ̀ bá wà lórí ìṣirò owó tó ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò yín.

Kó tó lọ, kó tẹ èyí sínú àpótí ìṣàwárí Drive rẹ̀:

```
owner:me
```

Ohun tó bá ṣì jáde lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e tán, kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Apps Script tó ń dá ṣiṣẹ́ lásìkò kò ní bá fáìlì lọ. Ẹni tuntun ni kó tún un tò.

Ní ti owó àkáǹtì, Suspend, ìyẹn títì í pa fúngbà díẹ̀ láìpa á rẹ́, kò dá owó dúró, àmọ́ fáìlì tó pín á ṣì máa ṣí. Ẹ fi í síbẹ̀ títí ẹ ó fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí ẹ bá ti kánjú pa á rẹ́, alábòójútó lè dá a padà láàárín ọjọ́ 20.