Ọjọ́ tí tẹmómítà bá gòkè, ọjà ti tú

"Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan oṣù mi máa ń tó ọjọ́ 33 sí 36 kó tó padà dé. Omi kan máa ń yọ lára mi láàárín, mo sì ti ra tẹmómítà. Ṣé ọjọ́ tí ara bá gbóná ni kí èmi àti ọkọ mi bá ara wa sùn, àbí omi yẹn ni kí n máa wò?"

Àbúrò mi, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi lé tẹmómítà kiri, oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣòfò. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Awakọ̀ ni ọkọ mi nígbà náà, tírélà ló ń wà lọ sí Kánò. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má wálé, tó bá sì dé, ọjọ́ mẹ́ta péré, ó tún ti lọ. Ọdún méjì la ti fẹ́ra láìrí oyún. Ní ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì kan tí kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí mú báírò, ó fi yí ọjọ́ kẹrìnlá ká lórí kàlẹ́ńdà, ó ní ọjọ́ yẹn ni ẹyin ń jáde. Kò bi mí pé ọjọ́ mélòó ni nǹkan oṣù mi ń gbà. Ọjọ́ 35 ni tèmi! Ẹni tó ń rí tirẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni ọjọ́ kẹrìnlá lè bá mu. Iye ọjọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni èyí tó wà láàárín ìgbà tí ẹyin jáde sí ìgbà tí nǹkan oṣù máa dé: bí ọjọ́ 12 sí 14 ni lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń gùn tàbí kúrú. Dókítà Ogino ní Jàpáánù àti Knaus ní Ọ́sítíríà ti sọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930 pé láti ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti máa kà á. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ báírò ṣì wà lórí ọjọ́ kẹrìnlá.

Oṣù mélòó kan ni ọkọ mi fi ń sáré wálé torí ọjọ́ kẹrìnlá, tó sì ń padà lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan sọ fún mi pé tí ẹyin bá jáde, ara obìnrin máa ń gbóná díẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sọ èyí tó kù fún mi. Mo ra tẹmómítà, mò ń wò ó láràárọ̀, ọjọ́ tó bá gòkè ni mo máa ń pe ọkọ mi lórí fóònù: "Ó ti gòkè o!" Yóò fi ẹrù sílẹ̀, yóò wọ mọ́tò alẹ́, yóò dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú pípọ́n. Lóṣù kẹta ọ̀gá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lóṣù kẹrin, ìyá rẹ̀ bi mí lójú gbogbo ilé pé kí ló dé tí mò ń da ọmọ òun láàmú lójú pópó tí nǹkan kan ò sì jáde níbẹ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Àgbà agbẹ̀bí kan ní ilé ìlera ìjọba àdúgbò wa ló gba ìwé tí mò ń kọ nọ́ńbà sí lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó pòṣé, ó ní, "Ọjà ti tú kí ìwọ tó gbé igbá débẹ̀."

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí. Tí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ á rán họ́móònù sí ibi tí ẹyin ń gbé, ẹyin mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kálukú nínú àpò omi tirẹ̀. Ọ̀kan á yọrí jù, ìyókù á rọ. Àpò tó yọrí yìí ló ń tú họ́móònù ẹ́sítírójìn sínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ń tóbi sí i ni ẹ́sítírójìn ń pọ̀ sí i. Òun ló ń jẹ́ kí ọrùn ilé ọmọ máa sun omi. Tí ẹ́sítírójìn bá pọ̀ dé góńgó, ọpọlọ á tú họ́móònù mìíràn jáde lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀, àpò náà á bẹ́, ẹyin á bọ́ sí ẹnu túùbù. Kò ní lò ju ọjọ́ kan lọ láyé tí àtọ̀ kò bá pàdé rẹ̀. Àpò tó bẹ́ yẹn kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á di kinní aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń tú purojẹ́sítírónì jáde. Purojẹ́sítírónì yìí ló ń mú ara gbóná, ó máa ń fi bí ìdá méjì sí ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́wàá dígírì lé e.

Ṣé o ti wá rí ibi tí mo ti ṣìnà? Ẹyin ní láti jáde ná kí purojẹ́sítírónì tó pọ̀ débi tí tẹmómítà á fi rí i. Nígbà tí mò ń pariwo "ó ti gòkè" lórí fóònù, ẹyin ti kú tàbí ó ń kú lọ. Kí ọkọ mi tó ti Kánò dé, ó ti parí.

Omi yẹn ló ń sọ ọ́ ṣáájú. Àtọ̀ kì í pẹ́ kú nínú ojú ara tó gbẹ, ṣùgbọ́n nínú omi tó ń fà yẹn, ó lè gbé tó ọjọ́ márùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹyin jáde, pẹ̀lú ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ni oyún lè ti dúró. Kí àtọ̀ ti jókòó síbẹ̀ de ẹyin ló dáa, kì í ṣe kí ẹyin jókòó de àtọ̀.

Oṣù tí mo kọ́kọ́ kọ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé nìyí. Ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ karùn-ún. Títí di ọjọ́ kọkànlá, gbígbẹ ni mo gbẹ. Láti ọjọ́ kejìlá, ohun funfun kan yọ tó ń lẹ̀ bí ògì tó dì, tí mo bá fi ìka méjì mú un, á já pẹ́kí. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ó di bí omi ògì. Lọ́jọ́ kejìdínlógún ó mọ́ kedere bí funfun ẹyin adìẹ tútù, ó ń yọ̀ tí mo bá ń rìn, tí mo bá la àtàǹpàkò kúrò lára ìka ìfábẹ̀lá, á fà gùn kó tó já. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ogúnjọ́. Lọ́jọ́ 21, mo nu ara, kò sí mọ́! Ó tún ti gbẹ. Ogúnjọ́ yẹn, ọjọ́ ìkẹyìn omi tó ń yọ̀, ni wọ́n ń pè ní góńgó, ọjọ́ kejì rẹ̀ tí omi bá ti lọ lo sì máa tó mọ̀ pé òun ni. Ẹyin sábà máa ń jáde ní ọjọ́ góńgó yẹn tàbí bí ọjọ́ kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Tẹmómítà ńkọ́? Títí di ọjọ́ 21, kò kọjá 36.44. Lọ́jọ́ 22 ó di 36.61, ọjọ́ 23, 36.68, ọjọ́ 24, 36.72. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ga kò jẹ́ nǹkan kan. Mẹ́ta tó tẹ̀léra, tó ga ju mẹ́fà tó ṣáájú wọn lọ, tí ìkẹta sì fi ìdá méjì nínú mẹ́wàá ga ju èyí tó ga jù nínú mẹ́fà náà, ìgbà náà lo tó lè sọ pé ẹyin ti jáde. Nǹkan oṣù mi dé lọ́jọ́ 35. Wá fi wé ọjọ́ kẹrìndínlógún tí ọkọ mi ń padà sẹ́nu iṣẹ́: ó ṣòro kí àtọ̀ dúró dìgbà tí ẹyin máa jáde.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ìyẹn ò le: kí o tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ ahọ́n, àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ra èyí tó ń fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn àmì ìdá.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan máa ń bà á jẹ́. Ibà ni olórí wọn. Lóṣù kan tẹmómítà mi dé 37.3, inú mi dùn, àṣé ibà ló mú mi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn. Bí o bá sùn tí kò tó wákàtí mẹ́ta, tàbí o lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún àìsùn, tàbí ẹnì kan fún ọ ní ọtí lálẹ́, fa igi lé ọjọ́ náà, má kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi: àtọ̀ ọkọ rẹ àná lè jọ ọ́, omi ìfẹ́ náà ń jọ ọ́. Ọ̀sán, kí o tó tọ̀, ni kí o fi tíṣù nù ún wò. Oògùn ọ̀fìnkìn kan sì máa ń gbẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi álọ́ọ̀mù àti omi iyọ̀ fọ inú ojú ara, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀ mọ́? Ẹ ti fọ omi náà dànù, ẹ tún ti fọ ohun tó ń dáàbò bo ara yín mọ́ ọn. Ìta lásán ni kí ẹ fi omi fọ̀.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, nígbà tí mo rí i pé omi ti di bí omi ògì, ọjọ́ yẹn ni mo pe ọkọ mi, kò sí ariwo nínú ẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Tẹmómítà gòkè lọ́jọ́ 22, kò sì sọ̀ mọ́. Ọjọ́ 35 dé, ó kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ 18 tó ti wà lókè, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Tirẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, tèmi náà gba oṣù kejì.

Tí o bá kọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta tí tẹmómítà kò gòkè rárá, tàbí tí omi ń wá, ó ń lọ, ó tún ń wá lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan, ara ń gbìyànjú ni, ẹyin lè má jáde. Gbé ìwé náà lọ bá dókítà, má jẹ́ kó kàn kọ oògùn fún ọ láìwò ó. Kí ọkọ rẹ náà lọ yẹ àtọ̀ wò. Ọdún méjì, kò sẹ́ni tó ní kí tèmi lọ.

O ò sì sọ irú omi tí o ń rí fún wa. Ṣé ó mọ́, ṣé ó ń fà? Àbí ó ń yún ọ, ó ń rùn, ó pọ́n tàbí ó dàbí wàrà tó dì? Tó bá jẹ́ ìyẹn, àrùn lo ń wò, kì í ṣe ẹyin, kí o lọ ṣe àyẹ̀wò kí o tó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. Dá mi lóhùn.