Ipa ètò ajílẹ̀ lórí ìkórè àgbàdo: nọ́ńbà wo ni kí n wò?

Ìbéèrè: Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ Kàbà ní ajílẹ̀ ẹ̀dínwó, wọn ò fún ti Ìsánlú. Mo ní ìpíndọ́gba ìkórè ìlú méjèèjì ṣáájú àti lẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe máa rí ipa ètò náà, ibo ló sì wà nínú rìgírẹ́ṣọ̀n?

Ìdáhùn: Yọ àlékún Ìsánlú kúrò nínú àlékún Kàbà, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ipa ètò náà, òun náà sì ni `d` níhìn-ín:

```
y = a + b*K + c*L + d*K*L
```

`y` ni ìkórè. `K` jẹ́ 1 fún Kàbà, 0 fún Ìsánlú. `L` jẹ́ 1 lẹ́yìn ètò, 0 ṣáájú rẹ̀. Ká ní ìkórè Kàbà kúrò ní àpò 20 bọ́ sí 29 lórí hẹ́kítà kan, tí ti Ìsánlú kúrò ní 18 bọ́ sí 23. `a` jẹ́ 18, ibi tí Ìsánlú ti bẹ̀rẹ̀. `b` jẹ́ 2, ìyàtọ̀ tó ti wà kí ajílẹ̀ tó dé. `c` jẹ́ 5, ohun tí òjò àti ọdún mú wá fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. `d` wá jẹ́ 9 − 5, ìyẹn àpò 4.

Àpò 4 yìí dúró kìkì tó bá jẹ́ pé ìkórè Kàbà ìbá fi àpò 5 lé sí i láìsí ètò kankan. Wo ọdún mélòó kan sẹ́yìn: bí àlàfo ìlú méjèèjì bá ti ń fẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ajílẹ̀ nìkan ni `d` ń kà. Bí kòkòrò bá sì jẹ oko Ìsánlú lọ́dún ètò náà, `d` á ga ju bó ṣe yẹ lọ, bó ti wù kí àgbẹ̀ tí o kà pọ̀ tó, nítorí ìlú méjì péré ló wà nínú ìṣirò náà.