Basic tàbí Economy: ẹ ka owó tó fara pamọ́

“Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Basic Economy jẹ́ dọ́là 120, Economy jẹ́ 155. Mo ní báàgì, mo sì fẹ́ ìjókòó etí fèrèsé. Èwo ni kí n rà?”

Ẹ ra ti 155, àfi tó bá dá yín lójú pé ọjọ́ ìrìn àjò yín ò ní yẹ̀.

Owó báàgì tí wọ́n ń kó sí abẹ́ bàálù, ẹ yọ ọ́ kúrò ná. Iye kan náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Báàgì àfọwọ́fà ni kí ẹ yẹ̀ wò, torí pé lórí Basic àwọn kan ò gbà ju èyí tó wọ abẹ́ àga lọ. Wọ́n dá tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù rí. Ohun tí mo san níbẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.

Ká ní ìjókòó jẹ́ 18. Basic di 138, ó ṣì fi 17 dín. Àmọ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó ìjókòó fún. Tí ẹ bá máa wọ bàálù méjì, ó di 156, èrè ti wọmi.

Ọjọ́ ló wá kù. Basic kì í sábà ṣeé yí padà, 120 yẹn lè lọ pátápátá. Tí ẹ bá máa ń sún ìrìn àjò kan síwájú nínú márùn-ún, ẹ pín 120 sí márùn-ún: 24 lẹ ń pàdánù lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ó ju 17 tí Basic fi dín lọ. Lórí Economy, ọ̀pọ̀ ò gba owó àyípadà mọ́, ìyàtọ̀ iye tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ máa san.

Tí ọjọ́ bá dúró, tí ìjókòó èyíkéyìí sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú Basic.