Ṣúgà mi jẹ́ 152 lẹ́yìn gúlúkóòsì: ṣé àtọ̀gbẹ oyún ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 26. Wọ́n po gúlúkóòsì gíráàmù 50 fún mi mu ní kíníìkì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn wákàtí kan, ó jẹ́ 152. Wọ́n ní kí n padà wá ṣe èyí tó ń gba wákàtí mẹ́ta. Ìtọ̀ mi kò fi ṣúgà hàn rí, àmọ́ ọmọ mi àkọ́kọ́ wọn kílò 4.3. Mo jẹ iṣu kí n tó lọ o. Ṣé iṣu yẹn ló fà á, àbí mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn?

Ìdáhùn: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. 152 nìkan kò tó láti sọ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ oyún. Asẹ́ ni àyẹ̀wò oníwákàtí kan yẹn. Ó kàn ń ya àwọn tó yẹ ká tún yẹ̀ wò sọ́tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fi 140 ṣe ààlà rẹ̀, àwọn mìíràn ń lo 135 tàbí 130 kí aláìsàn má baà jò bọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò pe ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ní nǹkan kan padà. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, 152 kọjá rẹ̀. Ẹ lọ ṣe ìkejì.

Ẹ má dá iṣu lẹ́bi. Wọn kì í béèrè ìgbà tí èèyàn jẹun kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣe èyí àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní kí ẹ gbààwẹ̀. Ní ti ìtọ̀, ẹ má gbára lé e. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ga gan-an kí kíndìnrín tó jẹ́ kó dà sínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ oyún fúnra rẹ̀ a máa jẹ́ kí ṣúgà jáde nínú ìtọ̀ ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ.

Àárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni a ń ṣe é nítorí pé ìgbà náà ni ibi ọmọ ti tóbi tó láti máa tú họ́mónù tó ń dí ínsúlíìnì ìyá lọ́wọ́. Bí ara ìyá kò bá lè pèsè ínsúlíìnì sí i, ṣúgà á ga. Nítorí kílò 4.3 ti ọmọ yín àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí èsì ìgbà yẹn ìbá tiẹ̀ dára, ẹ ó ṣì ní láti tún un ṣe ní àsìkò yìí.

Ní ti oníwákàtí mẹ́ta, ẹ jẹun yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ, ẹ̀bà, ìrẹsì, iṣu. Àwọn kan a máa sá fún oúnjẹ kí èsì lè dára. Ìyẹn gan-an lè gbé ṣúgà wọn ga, torí ara tí kò rí oúnjẹ oníṣúgà fún ọjọ́ bíi mélòó kan kì í mọ ohun tí yóò fi gúlúkóòsì ṣe mọ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, omi lásán ni kí ẹ máa mu. Láàárọ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní gíráàmù 100. Ẹ mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ jókòó síbẹ̀; ẹ má yà sí ọjà, ìrìn ń jẹ ṣúgà. Bí ẹ bá bì í, àyẹ̀wò ti bàjẹ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ sì wò ó pé ẹ̀jẹ̀ yín tètè dé láàbù. Bí ó bá pẹ́ lórí tábìlì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, èsì á sì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ààlà tí wọ́n sábà máa ń lò ni 95 kí ẹ tó mu ún, 180 ní wákàtí kan, 155 ní wákàtí méjì, 140 ní wákàtí mẹ́ta. Bí méjì nínú wọn bá dé ààlà tàbí kọjá rẹ̀, àtọ̀gbẹ oyún ni. Ká ní ti yín jẹ́ 91, 186, 158, 128: ti wákàtí kan àti ti wákàtí méjì kọjá, ó ti jẹ́ nìyẹn. Bí ti wákàtí méjì bá jẹ́ 149, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó ga, a kò ní pè é ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ èmi yóò ṣì máa ṣọ́ ìdàgbàsókè ọmọ náà.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nìyí. Àwọn ilé ìwòsàn kan kì í ṣe alákọ̀ọ́kọ́ rárá, gíráàmù 75 lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fún aláboyún tó gbààwẹ̀ wá. Ààlà tiwọn, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà ní 2013, ni 92, 180 àti 153, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá sì dé ibẹ̀ ti tó. Nítorí náà, obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 94 kó tó mu nǹkan ní àtọ̀gbẹ oyún níbi tí wọ́n ti ń lo 75, ṣùgbọ́n 94 yẹn kò dé ààlà níbi tí wọ́n ti ń lo 100. Ẹ béèrè iye gíráàmù tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì kí dókítà mìíràn má baà fi ààlà èyí wọn tọ̀hún. Bí nọ́ńbà inú ìwé bá kéré bíi 8.4, tí wọ́n kọ mmol/L síbẹ̀, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé bíi 151 ni.