Bí mo ṣe ń mọ ọjà tó kù láì kọ títà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ohun èlò ìránṣọ ni mò ń tà: síìpù, bọ́tìnì, òwú, abẹ́rẹ́. Mo ti ní Google Sheets lórí fóònù, ṣùgbọ́n ta ló lè máa kọ bọ́tìnì mẹ́fà mẹ́fà sílẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó kù?"

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ọjà kan náà lèmi náà ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ẹ má kọ títà sílẹ̀ rárá. Tí àwọn télọ̀ bá ti rọ́ dé láàárọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó máa rántí kọ ọ́, àkọsílẹ̀ tó bá sì ń fo nǹkan léwu ju kéèyàn má kọ lọ, torí ẹ ó gbà á gbọ́. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ máa kọ: ọjà tó wọlé, àti iye tẹ́ ẹ bá kà lórí igbá. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ló jáde.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pinnu ohun tí ẹyọ kan jẹ́ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù tẹ́ ẹ máa ń tà ni kó jẹ́. Bọ́tìnì tẹ́ ẹ ń tà ní mẹ́fà mẹ́fà, mẹ́fà yẹn ni ẹyọ kan. Gúróòsì kan, tó jẹ́ 144, á di 24 nínú ìwé yín. Ẹ ti di í sínú ọ̀rá ní mẹ́fà mẹ́fà lọ́jọ́ tó bá wọlé, kíkà rẹ̀ ò ní yọ yín lẹ́nu.

Ojú ìwé méjì ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ pe ọ̀kan ní Wole: A ni ọjọ́, B ni orúkọ ọjà, C ni iye ẹyọ tó wọlé. Ẹ pe èkejì ní Oja, kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan: A ni orúkọ, B ni iye tẹ́ ẹ kà gbẹ̀yìn, C ni ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á, E ni iye tẹ́ ẹ kà lónìí. D ni iye tó wọlé lẹ́yìn kíkà yẹn, F ni iye tó jáde; fọ́múlà ló máa ṣe méjèèjì:

```
D2: =SUMIFS(Wole!C:C,Wole!B:B,A2,Wole!A:A,">"&C2)
F2: =IF(E2="","",B2+D2-E2)
```

Ẹ wò ó lórí síìpù dúdú. Ẹ kà á, ó jẹ́ 140. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 200 wọlé. Ẹ tún kà á, ó ku 95. F á sọ pé 245 ló jáde, ìyẹn bíi 17 lójúmọ́. 95 yẹn ò lè pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti mọ̀ pé ó ti yẹ kẹ́ ẹ lọ Balógun. Alẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti palẹ̀ mọ́, ni kẹ́ ẹ máa kà, torí pé ọjà tó bá wọlé lọ́jọ́ kíkà gan-an ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ kà, fọ́múlà ò sì ní kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka gbogbo ìsọ̀ lọ́jọ́ kan. Síìpù àti òwú dúdú àti funfun ń yá, èmi máa ń kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn àwọ̀ tí kì í tètè tà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni orúkọ. Tí ọmọ tó ń bá yín tajà bá kọ "síìpù dúdú 8" sínú Wole, tẹ́ ẹ̀yin sì kọ "síìpù dúdú" sínú Oja, fọ́múlà ò ní ka ìlà yẹn, kò sì ní pariwo. Àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn orúkọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sínú D2 ní Wole, kẹ́ ẹ sì fà á wálẹ̀:

```
=COUNTIF(Oja!A:A,B2)
```

1 ló dáa. Tó bá jẹ́ 0, orúkọ náà ò sí nínú Oja. Tó bá jẹ́ 2, ẹ ti kọ ọjà kan náà sí ìlà méjì. Ohun kejì ni pé kí nọ́mbà nìkan wà nínú C. Ẹni tó bá kọ "2 dọ́sìnì" síbẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, kò sì ní wọ ìṣirò. Ẹ ó dá a mọ̀: nọ́mbà máa ń fara mọ́ apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń fara mọ́ apá òsì. Tí F bá sì wá ní àmì ìyọkúrò níwájú, bíi -60, ọjà kan ti wọlé tí ẹnikẹ́ni ò kọ.

Ẹ rántí pé "jáde" kì í ṣe "tà" nìkan. Èènì tẹ́ ẹ fún oníbàárà wà níbẹ̀, síìpù tí eyín rẹ̀ ti já wà níbẹ̀, èyí tẹ́nì kan mú lọ láìsanwó náà wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ F di owó ní iye tí mò ń tà á, màá wá fi wé owó tó wọlé àti àwìn tó wà níta. Ó máa ń dín díẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó àti èènì. Ìgbà tó bá ṣàdédé dín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo máa ń jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ da ọjọ́, orúkọ àti F kọ sí ojú ìwé kẹta, kó jẹ́ nọ́mbà lásán, kì í ṣe fọ́múlà. Ìgbà yẹn lẹ tó máa gbé E sínú B, ẹ yí ọjọ́ inú C padà, ẹ sì pa E rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti yí B padà kẹ́ ẹ tó dà á kọ, iye tó jáde ti lọ nìyẹn.