Táírọ́ìdì lẹ́yìn ìbímọ: ó kọ́kọ́ ń sáré, ó wá rọ

“Oṣù méje sẹ́yìn ni mo bímọ. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ní táírọ́ìdì mi ń ṣiṣẹ́ jù, TSH jẹ́ 0.02. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé àyẹ̀wò kan náà ní kò ṣiṣẹ́ tó mọ́, TSH ti di 31. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ti ẹlòmíì? Mo ṣì ń lo oògùn tí wọ́n kọ fún mi nígbà àkọ́kọ́.”

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí àyẹ̀wò méjèèjì tọ̀nà. Bó ṣe ṣe mí gan-an nìyẹn lẹ́yìn ọmọ mi kejì. Àmọ́ bí oògùn yẹn bá jẹ́ kabimasóòlù, ẹ pe dókítà yín lónìí, kí ẹ ka 31 yẹn fún un. Ńṣe ló ń dí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, lọ́wọ́ kó má ṣe họ́mọ̀nù, bẹ́ẹ̀ tiyín ò rí i ṣe tó mọ́.

Oṣù kẹta ni tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ mo rù láti kílò 68 sí 59. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́ kí àyà mi máa lù kìkìkì. Bí mo bá fẹ́ bu mílíìkì sínú ife, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n títí á fi dà sórí tábìlì. Ìyá mi ní ọmú tí ọmọ ń fà ló ń gbẹ mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sọ òótọ́: TSH 0.01, T4 tó jẹ́ họ́mọ̀nù táírọ́ìdì sì ga.

TSH yìí máa ń da èèyàn lójú rú, torí òdìkejì ni wọ́n ń kà á. Kì í ṣe táírọ́ìdì ló ń ṣe é. Ẹ̀yà kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ló fi ń rán táírọ́ìdì níṣẹ́. Ẹ wo ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́: bí ọmọ bá ń lọ́ra, ohùn ìyá á máa ga sí i, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, ìyá á panu mọ́. Nítorí náà, TSH tó lọ sílẹ̀ gan-an pẹ̀lú T4 tó ga, iṣẹ́ ti pọ̀ jù nìyẹn. TSH tó ga pẹ̀lú T4 tó lọ sílẹ̀, iṣẹ́ ò tó. Nǹkan bíi 0.4 sí 4 ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kà sí déédéé, àmọ́ èyí tó wà lórí ìwé tiyín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ṣì mí nìyí. Ohun méjì ló sábà ń fa TSH tó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀kan ni àrùn Gréfísì: àwọn ọmọ ogun ara ń ti táírọ́ìdì láti máa ṣe họ́mọ̀nù láìdáwọ́ dúró. Ọrùn lè wú, ẹyinjú lè yọ síta. Kabimasóòlù wúlò fún ìyẹn. Èkejì ni pé ọmọ ogun ara ń ba táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ jẹ́, họ́mọ̀nù tó ti kó pamọ́ wá ń tú jáde, bí ìkòkò omi tó sán. Ilẹ̀ kún fún omi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pọn òmíràn. Dídá ẹni tó ń pọnmi dúró ò lè ran èyí lọ́wọ́; oògùn tó ń mú kí àyà rọlẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, títí omi yóò fi tán. Bó bá wá tán, ìkòkò ṣófo. Nígbà náà ni TSH yóò fò sókè.

Kabimasóòlù ni wọ́n fún mi láìyẹ TRAb wò, èyí tó sábà máa ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní Gréfísì. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, otútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan nílùú Ìbàdàn. Ojú mi wú, ohùn mi ki, ọjọ́ mẹ́rin lè kọjá kí n tó yàgbẹ́. Mo ń sunkún láìmọ ohun tó ṣe mí. TSH ti di 38. Dókítà míì ló dá oògùn náà dúró, ó ní kí wọ́n yẹ TRAb wò, àti TPO, èyí tó ń fi hàn pé ọmọ ogun ara ń gbógun ti táírọ́ìdì. TRAb ò sí, TPO ga gan-an. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ìkòkò ló sán.

Ó fi mí sórí lẹfotairósìn, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ̀nù táírọ́ìdì, tí kò ní pa ọmọ tó ń mu ọmú lára. Àárọ̀, lórí òfìfo inú, pẹ̀lú omi lásán, kí n tó jẹun lẹ́yìn wákàtí kan. Mo kọ́kọ́ ń gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi ní ilé ìgbẹ̀bí, TSH sì kọ̀ kò wálẹ̀. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kó wọ ara. Ìgbà tí mo fi wákàtí mẹ́rin sáàárín wọn ni TSH tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà la ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Táírọ́ìdì ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí ọdún kan, wọn á sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Tèmi ò padà. Dókítà dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ pé ọdún kan àtààbọ̀, TSH tún gun 11, mo bá padà sí máíkírógíráàmù 75 lójúmọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ TRAb àti TPO wò. Bí TPO yín bá ga, ẹ yẹ TSH wò kí ẹ tó lóyún míì, torí ó sábà máa ń padà wá lẹ́yìn ìbímọ tó bá tẹ̀ lé e.