Mò ń gbọ́ wọn, wọn ò gbọ́ mi: ìwé ẹ̀hónú tí ilé-iṣẹ́ néńtíwọ̀kì á lè fi ṣiṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ní àdúgbò wa ní Arówómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ti tó oṣù méjì tó jẹ́ pé tá a bá pe èèyàn, àwa á máa gbọ́ ọ, òun ò ní gbọ́ wa. A ti pe 300 títí, "ẹ pa fóònù yín kẹ́ ẹ tún un tàn" ni wọ́n máa ń sọ. A ti fẹ́ kọ ìwé sí wọn báyìí. Kí la máa kọ sínú ẹ̀ tí wọ́n á fi gbà pé òótọ́ là ń sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o. Ọwọ́ ẹnjiníà kan ni ìwé yín máa dé, kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ á sì máa sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe Arówómọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wò ó: ẹ tẹ nọ́ńbà, ó dún, ẹni tẹ́ ẹ pè gbé e, ẹ pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò" títí ó fi sú yín, ẹ sì pa á. Lójú ẹ̀rọ wọn, ìpè yẹn wọlé, wọ́n gbé e, ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ìpè tó bá já ni ẹ̀rọ ń kà sí àbùkù, tiyín ò já. Wọ́n tiẹ̀ ti yọ owó rẹ̀, torí látìgbà tí wọ́n bá ti gbé fóònù lówó ti ń lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ò rí ni ìwé yín gbọ́dọ̀ gbé síwájú wọn.

Ohùn tiyín àti ohùn ẹni tẹ́ ẹ pè kì í gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan ń ti òpó néńtíwọ̀kì bọ̀ sínú fóònù yín, èkejì ń ti fóònù yín lọ sí òpó. Ọ̀kan lè dí kí èkejì máa ṣàn geere. Àwọn ìlà sígínà tẹ́ ẹ̀ ń rí lókè fóònù, bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó nìkan ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ bí òpó ṣe ń gbọ́ fóònù. Agbára wọn ò sì dọ́gba: lórí 4G, fóònù kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì lọ, òpó a sì máa lo ogún wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó ọjà ní Tákìé. Gbogbo ọjà ń gbọ́ ọ, òun ò gbọ́ ẹni tó ń dá a lóhùn láti ìdí ìsọ̀. Nítorí náà, bí ìlà bá kún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, torí á jẹ́ kí ẹnjiníà mọ̀ pé ọ̀nà tó ń bọ̀ wálé kò níṣòro.

Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ẹ dán an wò. Mo bá àwọn ará òpópónà kan ṣe irú ẹ̀ nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ yìí nígbà kan. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, "néńtíwọ̀kì yín ò dáa rárá, owó wa lẹ̀ ń jẹ" ló kún inú rẹ̀, èsì tó sì padà wá ni pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ìṣòro. Èsì yẹn dùn mí, torí irọ́ kọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ń pa: kò sí nǹkan kan tó lè wá kiri nínú ìwé náà. A wá mú èèyàn mẹ́ta tí fóònù wọn ò jọra, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé gbohùngbohùn fóònù kan ló dí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan náà, wọ́n pe ìpè mẹ́wàá mẹ́wàá láàárín aago méje sí mẹ́jọ alẹ́. Nínú ọgbọ̀n ìpè, mọ́kànlá ni wọn ò ti gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lọ sí Tákìé, wọ́n tún pe ọgbọ̀n, kò sí èyí tí wọn ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ti kúrò ńbẹ̀ nìyẹn, àyè ibẹ̀ ló ń ṣe é.

Wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yí fóònù sí 3G nínú ètò rẹ̀, wọ́n tún pè. Gbogbo rẹ̀ dáa. A wá rí ìdí tí baba àgbà kan ládùúgbò náà fi ń sọ pé òun ò rí ìyọnu kankan: fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, kò lè gbé ìpè lórí 4G. Ìgbà tí gbogbo èyí wọ inú ìwé, ètò ohùn 4G lára òpó kan ṣoṣo ni wọ́n wá tún ṣe.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: ṣé látìgbà tí wọ́n ti gbé e ni ohùn yín ò dé, àbí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ ló dá? Bí kò bá dé látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ohùn má tiẹ̀ là rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rìn tàbí ẹ wà lórí ọ̀kadà ló dá, ó lè jẹ́ ibi tí òpó kan ti ń fa ìpè lé òpó kejì lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n máa wò fún méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ara ìwé náà lè lọ báyìí:

> A jẹ́ oníbàárà yín ní òpópónà … ní Arówómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́. Láti oṣù …, tí a bá pè láti ibí, àwa ń gbọ́ ẹni tí a pè, òun kò gbọ́ wa. Láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni kò ti gbọ́ wa. Sígínà máa ń kún nígbà náà.
>
> Fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fi dán an wò. Nínú ọgbọ̀n ìpè níbí, … ló ní àbùkù. Ní Tákìé, pẹ̀lú fóònù kan náà, … ló ní in. Nígbà tí a yí i sí 3G, … ló ní in.
>
> Ìpè tó ní àbùkù: ọjọ́ …, aago …, láti nọ́ńbà … sí nọ́ńbà …, ẹni tí kò gbọ́: ẹni tí a pè.
>
> A fẹ́ kí ẹ yẹ ọ̀nà ohùn àwọn ìpè yìí wò, kí ẹ sì dá owó wọn padà. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tí 300 fún wa ni ….

Ìlà tó ní ọjọ́ àti aago yẹn ni kẹ́ ẹ fọwọ́ gidi mú. Ẹ kọ bíi mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ da aago àti ìṣẹ́jú kọ látinú àkọsílẹ̀ ìpè fóònù yín, ẹ má fi orí rántí rẹ̀. Pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà méjèèjì, ẹnjiníà lè ṣí ìpè yẹn gan-an, kó rí òpó tó gbé e àti apá ibi tó gbà. Ẹ kò ní láti wá orúkọ òpó kankan. Ẹ má sì kọ ọ́ pé "òpó yín ló bàjẹ́", torí ó lè jẹ́ ẹnì kan ládùúgbò ló gbé ẹ̀rọ tó ń fa sígínà sórí òrùlé, tí ariwo rẹ̀ ń bo ohùn yín mọ́lẹ̀ lójú òpó. Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ kọ́kọ́ pe 300, kẹ́ ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ má pa fóònù láìgbà á. Ẹ mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ pe 622, nọ́ńbà àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn lẹ sì máa kà fún wọn.